Ká fi lé ti èṣí, àbí ká bẹ̀rẹ̀ láti òdo? Ìfiwéra ọ̀nà méjì tí ẹgbẹ́ kékeré lè gbà ṣe ìṣúná

Páálí pépà mẹ́fà ló tò gogoro lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wa ní Pansẹ́kẹ, l'Abẹ́òkúta, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò akápò. Mo bi akọ̀wé pé kí la fẹ́ fi pépà tó pọ̀ tó báyìí ṣe. Ó ní owó fọ́tòkópì ni. Bí Oṣù Kejìlá bá ti ń parí lọ tí owó bá ṣẹ́kù lórí ìlà yẹn, pépà ni wọ́n máa ń fi rà, kí ìgbìmọ̀ má baà sọ pé owó náà pọ̀ jù kí wọ́n sì gé e lọ́dún tó ń bọ̀. Mo fa páálí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yọ. Ikán ti jẹ ẹ́ láti ìdí dé àárín.

Akọ̀wé wa kì í ṣe àpà. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe ìṣúná ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kékeré ni wá, àwọn ọmọbìnrin tí kò lè parí ilé ìwé la ń kọ́ ní iṣẹ́ ìránṣọ àti àdìrẹ, wọ́n jẹ́ 32 lọ́dún kan. Owó tó ń wọlé fún wa kò pọ̀: owó ọmọ ẹgbẹ́, ohun tí àwọn ọmọ bá rán tí a tà, àti ẹbùn láti ọwọ́ àwọn ọmọ Ẹ̀gbá mélòó kan tó wà lókè òkun. Ní irú ẹgbẹ́ báyìí, ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ló máa sọ ẹni tí owó kàn àti ẹni tí kò kàn, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Ọ̀nà tí a ń lò tẹ́lẹ̀ ni mo máa pè ní ìṣúná aláfikún. Ẹ ó gbé ìwé èṣí sílẹ̀, ẹ ó wo iye tí ìlà kọ̀ọ̀kan gbà, ẹ ó fi díẹ̀ lé e tàbí kí ẹ yọ díẹ̀ kúrò, ó parí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń béèrè: èló la máa fi kún un? Ìkejì ni ìṣúná láti orí òdo, èyí tí àwọn oníṣirò owó ń pè ní síró-béésì. Òun kò gbà pé ìlà kankan ní ẹ̀tọ́ sí owó torí pé ó gba owó lésìí. Ìlà kọ̀ọ̀kan á wá sọ tẹnu ẹ̀: kí lo wà fún, kí ló máa bàjẹ́ bí o ò bá sí mọ́, ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tó dínwó? Èyí tó bá dáhùn dáadáa ló máa rówó gbà.

Ọ̀nà kejì yìí kì í ṣe tuntun. Peter Pyhrr ló gbé e kalẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Texas Instruments lókè òkun, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1970. Jimmy Carter, tó di gómìnà Georgia lọ́dún 1971, mú un lò níbẹ̀, nígbà tó sì di ààrẹ Amẹ́ríkà, ó ní kí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lọ́dún 1977. Ọdún 1981 ni ìjọba tó tẹ̀ lé e dá a dúró. Nílé wa níbí, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ló máa fi ṣe ìṣúná ọdún 2016, ariwo sì sọ lórí ìṣúná náà nígbà tí àwọn aṣòfin rí i pé àwọn nǹkan kan wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé bí a bá ti dárúkọ òdo, jìbìtì àti àṣìṣe á sá lọ. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ìjọba kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ kò pé mílíọ̀nù márùn-ún ni mo ní lọ́kàn, torí náà, ẹ jẹ́ ká lo ìṣirò tiwa.

Owó kan náà, ọ̀nà méjì

Lésìí, ₦4,800,000 la ná. Lọ́dún yìí, a fojú bù ú pé ₦4,900,000 ló máa wọlé. Ẹ ó rí i pé owó náà lé díẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó dúpẹ́, onílé ti kọ lẹ́tà: owó ilé ti kúrò ní ₦600,000, ó ti di ₦750,000. Owó ilé kò ṣeé dúnàá-dúrà mọ́, a ti ṣe gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí a lè bẹ̀. Bí a bá yọ ọ́, ₦4,150,000 ló kù fún gbogbo nǹkan yòókù, nígbà tó jẹ́ pé ₦4,200,000 làwọn nǹkan wọ̀nyẹn jẹ lésìí.

Bí aláfikún ṣe máa yanjú ẹ̀ nìyí. Gbogbo ìlà yòókù á fi díẹ̀ sílẹ̀, dọ́gba-n-dọ́gba, nǹkan bíi náírà kan àti kọ́bọ̀ ogún nínú ọgọ́rùn-ún náírà. Nínú Ẹ́sẹ́ẹ̀lì, ìlà kan ni, B3 ni owó èṣí ti ìlà tó tẹ̀ lé owó ilé, ẹ ó kàn fà á wálẹ̀:

```
=B3*4150000/4200000
```

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló gbà mí. Kò sí ẹni tó bínú, kò sí ẹni tó jagun. Ìyá alága wò ó, wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni lára."

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀. Ohun èlò àwọn ọmọ, ìyẹn aṣọ, aró, sóódà, òwú àti síìpù, jẹ ₦640,000 lésìí. Bí ẹ bá pín in fún ọmọ 32, ₦20,000 ló kan ọmọ kan. Aláfikún sọ ọ́ di nǹkan bíi ₦632,000. Lójú ìwé, ₦8,000 péré la yọ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ àgbà wa lọ sí Ìtòkú láti béèrè ọjà. Ọ̀pá aṣọ funfun tó jẹ́ ₦1,500 lésìí ti di ₦2,000, ọmọ kan sì ń lo ọ̀pá mẹ́jọ kó tó kọ́ṣẹ́ tán. Aró àti sóódà tó jẹ́ ₦4,000 ti di ₦5,000, òwú àti síìpù náà bẹ́ẹ̀. Ẹ rò ó pọ̀: ₦26,000 lórí ọmọ kan. Bí ẹ bá wá fi ₦26,000 pín ₦632,000, ọmọ 24 ló máa tó.

Ọmọ mẹ́jọ ti jáde kúrò nínú iṣẹ́ wa. Kò sí ìpàdé tí wọ́n ti jíròrò rẹ̀, kò sí ẹni tó dìbò. Ẹ́sẹ́ẹ̀lì ló lé wọn jáde, a sì pàtẹ́wọ́ sí i pé kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tí mo kà sí àìsàn tó burú jù lára ìṣúná aláfikún nìyẹn. Àwọn ìwé ìṣirò owó máa ń bá a wí pé ó ń pa ìnákúnàá mọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà ń gbówó lórí, ohun tó ń ṣe burú ju ìyẹn lọ: ó ń gé ibi tí iṣẹ́ gan-an wà, ó sì ń bo ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀, torí náírà ló ń kà, kì í ka ọmọ.

Ìwé jẹnẹrétọ̀

Nígbà tí a máa wá bẹ̀rẹ̀ láti òdo, a fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé kan. Ẹni tó ń ná owó náà ló máa kọ ọ́, ẹlòmíràn ló sì máa yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú risíìtì. Ojú ìwé náà ní láti sọ ìpele mẹ́ta. Ìpele ìsàlẹ̀ ni iye tó jẹ́ pé bí a bá dín in sí i, ká kúkú fi nǹkan ọ̀hún sílẹ̀. Ìpele àárín ni iye tó máa jẹ́ kí iṣẹ́ lọ bó ṣe yẹ. Ìpele òkè ni ohun tí a máa ṣe bí owó bá gbé wa.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti jẹnẹrétọ̀ hàn yín, torí òun ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. ₦720,000 ló ń jẹ lọ́dún: ₦50,000 epo lóṣù, ₦10,000 fún sáfísì, ọ́ìlì àti pọ́lọ́ọ̀gì. Mo bi olùkọ́ àgbà pé kí ló ń ṣe. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, ṣé òkùnkùn lẹ fẹ́ ká máa kọ́ wọn?" Mo ní rárá mà, mo kàn fẹ́ mọ ohun tó ń fi epo ṣe ni.

A jókòó kà á. Ẹ̀rọ ìránṣọ wa, ẹlẹ́sẹ̀ ni gbogbo wọn, wọn ò lo iná. Ohun tó nílò iná kò ju áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ wíìfìn kan, gílóòbù àti fáànù lọ. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ la ń ṣiṣẹ́, nǹkan bí ọjọ́ 13 lóṣù. Bí NEPA bá mú iná lọ, wákàtí méjì lójúmọ́ tó láti lọ aṣọ àti láti wíìfù. Jẹnẹrétọ̀ wa ń jẹ nǹkan bíi lítà kan ní wákàtí kan. Ìyẹn já sí lítà 26 lóṣù. A sì ń ra 50.

Níbo ni lítà 24 ń lọ? Kò sí olè níbẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ ní kíláàsì kọ̀ǹpútà ìrọ̀lẹ́, òun ni wọ́n torí rẹ̀ gbé iye epo yẹn kalẹ̀. Kíláàsì náà kú, kọ̀ǹpútà bàjẹ́, olùkọ́ rẹ̀ lọ sí Èkó. Owó epo rẹ̀ kò kú. Lọ́dọọdún, a ń fi díẹ̀ lé e. Àṣẹ̀yìnwá-àṣẹ̀yìnbọ̀, ọdẹ ló ń tan jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ kí ọgbà má baà ṣókùnkùn, àwọn aládùúgbò náà sì ń wá fi fóònù gba iná. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tí àwọn tó ń fún wa lówó rò pé àwọn ń ṣe.

Ìpele ìsàlẹ̀ tí a kọ ni pé ká má tan jẹnẹrétọ̀ rárá, ká lo áyọ́ọ̀nù eléèédú, ká máa gbé aṣọ lọ wíìfù lọ́dọ̀ télọ̀ tó wà lójú títì. Olùkọ́ àgbà kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ wíìfìn kò tíì kọ́ṣẹ́. Wọ́n jàre. Ìpele àárín ni lítà 26 lóṣù ní ₦1,000 lítà kan, ìyẹn ₦312,000 lọ́dún, pẹ̀lú ₦72,000 fún sáfísì, torí pé ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí díẹ̀ kò nílò ọ́ìlì lóṣooṣù. A fi ₦65,000 kún un láti fi ra iná sólà fún ọgbà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la sì máa ná ìyẹn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦449,000. ₦271,000 ti jáde láti ibi kan ṣoṣo, àwọn ọmọ kò sì pàdánù ohunkóhun.

Nǹkan mìíràn wà tí ojú ìwé yìí fún wa, tí mo rò pé ó níye lórí ju owó tó yọ lọ. Ó fún wa ní lítà. Ẹ ó rántí Oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan kúrò ní ìsàlẹ̀ ₦200 tó sì fò kọjá ₦480. Ẹgbẹ́ tó kọ "epo: ₦240,000" sínú ìwé kò mọ ohun tó máa ṣe ju kó máa wò lọ. Ìṣúná láti orí òdo náà kò lè mọ̀ pé epo máa wọ́n, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó kọ iye lítà àti iye owó lítà sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lè tún ìṣirò náà ṣe lójú ẹsẹ̀, kó sì mọ iye wákàtí tó máa fi sílẹ̀.

Àwọn ìlà yòókù

Mi ò ní fi wọ́n pẹ́ yín. Fọ́tòkópì, tó ń jẹ ₦160,000, bẹ̀rẹ̀ nígbà tí olùrànlọ́wọ́ kan ń fẹ́ ẹ̀dà mẹ́rin ìròyìn wa ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Olùrànlọ́wọ́ náà ti lọ lọ́jọ́ tó ti pẹ́. ₦40,000 tó. Dátà jẹ́ ₦180,000 torí à ń sanwó lórí síìmù méjì, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì wà nínú módẹ́ẹ̀mù tí akọ̀wé àná gbé relé. A pa ìyẹn, ó di ₦108,000.

Owó ọkọ̀ àwọn ọmọ jẹ́ ₦480,000, ₦1,250 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lóṣù. Nígbà tí a gbé ìwé orúkọ wò, àwọn 18 ń fẹsẹ̀ rìn wá láti àdúgbò, àwọn 14 tó ń wá láti Ọbáńtokò àti Àṣerò sì ni wọ́n ń pa iṣẹ́ jẹ jù, torí owó náà kò tó wọn wọkọ̀. A dá tàwọn tó wà nítòsí dúró, a sọ ti àwọn tó ń wá láti ọ̀nà jíjìn di ₦2,500. Ó já sí ₦420,000. Àwọn òbí kan bínú, mo gbà. Ẹni tó ti ń gba nǹkan kì í dùn mọ́ ọn kí wọ́n sọ pé kò tọ́ sí i.

| Ìlà | Lésìí (₦) | Aláfikún (₦, fífojúbù) | Láti orí òdo (₦) |
|---|---|---|---|
| Owó ilé | 600,000 | 750,000 | 750,000 |
| Olùkọ́ méjì | 1,440,000 | 1,423,000 | 1,560,000 |
| Ọdẹ | 360,000 | 356,000 | 360,000 |
| Jẹnẹrétọ̀ àti iná ọgbà | 720,000 | 711,000 | 449,000 |
| Ohun èlò àwọn ọmọ | 640,000 | 632,000 | 832,000 |
| Owó ọkọ̀ àwọn ọmọ | 480,000 | 474,000 | 420,000 |
| Dátà àti fóònù | 180,000 | 178,000 | 108,000 |
| Fọ́tòkópì àti ìwé | 160,000 | 158,000 | 40,000 |
| Ayẹyẹ ìparí ọdún | 220,000 | 217,000 | 220,000 |
| Owó ìpamọ́ | 0 | 0 | 161,000 |

Ẹ wo ìlà olùkọ́. Aláfikún fẹ́ dín owó oṣù wọn kù! Kò sí ẹgbẹ́ tó máa ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó sọ pé ti olùkọ́ ò gbọdọ̀ yí, ẹ ó sì tún lọ fa ìyókù nínú ohun èlò àwọn ọmọ. Láti orí òdo, a rí ₦5,000 fi kún owó olùkọ́ kọ̀ọ̀kan lóṣù, ọmọ 32 náà pé, ₦161,000 sì ṣẹ́kù sápò.

Ibi tí òdo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì wá lọ́nà

Bí mo bá dúró síbí, ó máa dà bíi pé mò ń polówó. Ó kù díẹ̀ ká ṣe àṣìṣe ńlá méjì.

Àkọ́kọ́ ni ọdẹ. Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le: ẹ fi bọ́gílárì tó lágbára sí fèrèsé, ẹ dá ọdẹ dúró, owó bọ́gílárì á sì ti padà kọ́dún tó parí. Ẹni tó kọ ojú ìwé náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n baba náà ti wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ láti ìgbà tí yàrá kan ṣoṣo la ní. Ìyá alága ka ìwé náà, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Ẹ ní kí n lọ sọ fún Baba pé òdo ni wọ́n?" Kò sí ẹni tó fèsì. Ìṣirò láti orí òdo máa ń ṣe bíi pé lónìí lẹgbẹ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pé ẹ ò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹgbẹ́ tó ti lọ́dún lórí ti ṣèlérí. Àwọn kan wà lórí ìwé, àwọn mìíràn kò sí. A fi Baba sílẹ̀, a sì kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé pé ìgbìmọ̀ ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kí akápò tó ń bọ̀ má baà rò pé a gbàgbé ni.

Ìkejì ni ayẹyẹ. Nígbà tí a to gbogbo ìlà láti èyí tó ṣe kókó jù dé èyí tó kẹ́yìn, ayẹyẹ ló kẹ́yìn. Kánópì, ìrẹsì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn: ta ló nílò ìyẹn nígbà tí owó ò tó? Mo ti fẹ́ fa ìlà sí i. Olùkọ́ àgbà ló bi mí pé níbo la ti ń ta aṣọ tí àwọn ọmọ rán. Mo gbé ìwé owó tó wọlé: ₦310,000 ló wọlé lọ́jọ́ ayẹyẹ nìkan, láti ara aṣọ àti àdìrẹ tí àwọn àlejò rà. Bí a bá fi ₦220,000 pa mọ́, a ti sọ ₦310,000 nù. Ojú ìwé wa kò ní ibi tí wọ́n ti ń kọ ohun tí ìlà náà ń mú wọlé, ìnáwó nìkan ló mọ̀. Ẹ fi ibi yẹn sí tiyín.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọgbọ́n àrékérekè tó máa ń wọ inú títò ìlà. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n dín owó òun kù lè mú ohun tí gbogbo ayé fẹ́ràn jù, kó gbé e sí ìdí pátápátá, kó wá sọ pé, "Bí ẹ ò bá fún mi lówó tó pé, àwọn ọmọ ò ní rí òwú rán aṣọ." Ó mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa gbà. Bí ẹ bá ti rí ohun tó ṣe kókó ní ìdí ìwé, ẹ béèrè ohun tó wà lókè rẹ̀.

Àkókò sì ńkọ́? Aláfikún gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú ìpàdé kan. Òdo gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìpàdé márùn-ún, olùkọ́ àgbà sì fi ọjọ́ iṣẹ́ méjì sílẹ̀ láti lọ béèrè iye ọjà. Kò sí ẹni tó sanwó fún wákàtí wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni. Bí a bá ní ká máa ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀: lọ́dún kẹta, wọ́n á mú ojú ìwé èṣí, wọ́n á yí ọdún tó wà lórí rẹ̀ padà, wọ́n á fi díẹ̀ lé owó rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ìgbà Carter gan-an, àwọn iléeṣẹ́ kan kò wádìí ìpele ìsàlẹ̀ kankan, ṣe ni wọ́n mú ti ọdún tó kọjá tí wọ́n sì yọ ìdá kan kúrò nínú rẹ̀. Aláfikún tó wọ aṣọ òdo ni. Ẹ ó mọ̀ ọ́n bí ìpele ìsàlẹ̀ gbogbo ìlà bá dínkù ní iye kan náà.

Èwo ni kẹ́ ẹ mú?

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò kan kẹ́ ẹ tó pe ìpàdé. Ẹ ka iye owó yín tó ti so mọ́ ohun tí ẹ ò lè yí lọ́dún yìí: owó ilé, owó oṣù, àti owó tí olùrànlọ́wọ́ ti sọ pé nǹkan báyìí ni kẹ́ ẹ fi ṣe. Lọ́dọ̀ tiwa, ká tó fi kún owó olùkọ́, owó ilé, olùkọ́ àti ọdẹ jẹ́ ₦2,550,000 nínú ₦4,900,000, díẹ̀ ló fi lé ní ìdajì. Ìdajì kejì ló wà lọ́wọ́ wa, ó sì tó ohun tí èèyàn ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wá. Bó bá jẹ́ pé nínú ₦100 yín, ₦85 ti so mọ́lẹ̀, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ lo aláfikún, ẹ kàn jókòó ti ìlà méjì tàbí mẹ́ta tó kù fún ìrọ̀lẹ́ kan.

Mo máa lo aláfikún láìṣiyèméjì bí ẹgbẹ́ kò bá tíì ní àkọsílẹ̀ ọdún kan tó ṣeé gbára lé. Àìsí ìwé orúkọ àti risíìtì kò ní jẹ́ kí òdo ṣiṣẹ́, torí gbogbo ìdáhùn á di "mo rò pé." Bí wọn kò bá kọ iye wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ọgbọ́n orí ni wọ́n máa fi kọ ojú ìwé rẹ̀, ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn jù ló sì máa borí. Ẹ fi ọdún kan kọ nǹkan sílẹ̀ ná.

Mo máa mú òdo bí mo bá rí i pé iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ń ṣe ti yí padà ṣùgbọ́n ìlà ìnáwó kò yí. Ẹ gbé ìwé ọdún mẹ́ta kalẹ̀, ẹ wò ó. Ìlà tó ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún bí àtẹ̀gùn, tí ìnáwó rẹ̀ kì í ṣẹ́kù tí kì í sì lé, òun ni kẹ́ ẹ fura sí. Nǹkan tí èèyàn ń lò lóòótọ́ máa ń ga, ó máa ń lọ sílẹ̀. Èyí tó bá ń parí geerege ní Oṣù Kejìlá, ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yín.

Àwa kò mú ẹyọ kan nínú méjèèjì tán. Ohun tó so mọ́lẹ̀, a ń lo aláfikún fún un. Nínú ìyókù, ìlà mẹ́ta péré la ń dá padà sí òdo lọ́dún, tó fi jẹ́ pé láàárín ọdún méjì, gbogbo wọn á ti dé ibẹ̀. Ohun èlò àwọn ọmọ nìkan ló yàtọ̀: lọ́dọọdún la máa ń lọ béèrè iye rẹ̀ ní Ìtòkú, ìlà rẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye ọmọ, owó á wá tẹ̀ lé e.

Oṣù Kẹwàá la máa ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún yìí, owó ọkọ̀, dátà àti ayẹyẹ ló kàn. Olùkọ́ àgbà ti kọ ti ayẹyẹ wá, ojú ìwé méjì gbáko, ohun tó ń mú wọlé ni wọ́n sì kọ́kọ́ kọ. Ẹ̀yìn ìwé fọ́tòkópì èṣí ni wọ́n kọ ọ́ sí, láti ara pépà tí ikán kò tíì dé.